Títo Ojú Ìwé Ìròyìn Olópòó Púpọ̀ Kí A Tó Túmọ̀ Rẹ̀

Nínú àpótí àwọn àgbà wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, a máa ń rí ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹbí kan tọ́jú nítorí pé orúkọ ẹni wọn wà nínú rẹ̀. Èkó ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ti wá, nítorí pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará Àjàṣẹ́ ti ní ìbátan níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹbí á fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé náà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé kí a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé fún àwọn ọmọ tí kò lè ka Yorùbá mọ́.

Iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú ìtumọ̀: kí a mọ ìlà tó tẹ̀lé ìlà. Àwa náà kò kà á sí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí a sọ baba olóore kan di ẹlẹ́wọ̀n. A ó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti ṣàlàyé ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nísinsìnyí.

Bí ojú ìwé náà ṣe rí

Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, kò ju òpó méjì lọ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń pè ní òpó ni ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tóóró tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rọrùn láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀: ka òpó òsì tán, kí o bọ́ sí ti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tún gbilẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1920, bí Èkó Àkéte ní 1922, Ẹlẹ́tí Ọfẹ ní 1923 àti Àkéde Èkó ní 1928, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju àyè lọ. Ìròyìn, lẹ́tà, ìkìlọ̀ àti ìpolówó ọjà ń du ojú ìwé kan náà, nígbà mìíràn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Ẹni tó bá ka òpó kìíní láti òkè dé ìsàlẹ̀ lè ti la ìròyìn mẹ́ta kọjá láìmọ̀.

Ohun tó ń ṣe amọ̀nà ni pé àkọlé ni òrùlé ìròyìn. Bí àkọlé kan bá gba orí òpó kan ṣoṣo, inú òpó yẹn ni ìròyìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gba orí òpó méjì, òpó méjèèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ yàrá méjì nínú ilé kan. A ó ka yàrá òsì dé ilẹ̀ rẹ̀, a ó wá gòkè lọ sí yàrá ọ̀tún, lábẹ́ àkọlé yẹn gan-an. A kò ní gòkè kọjá òrùlé lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé, a kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ kọjá ilẹ̀ yàrá lọ sínú ilé ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ yàrá ni ó máa ń ṣòro láti rí. Àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń fi ìlà kúkúrú kan sí àárín òpó láti fi hàn pé ìròyìn kan parí, tàbí kí wọ́n fi ìlà gígùn kan ya ohun tó wà lókè sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà nísàlẹ̀. A ń pe méjèèjì ní ìlà ìpínyà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì máa ń parẹ́ nínú fọ́tò kí ọ̀rọ̀ tó parẹ́.

Fọ́tò tó ṣeé lò

Bí fọ́tò bá wọ́, ìlà òpó kìíní kò ní bá ìlà òpó kejì dọ́gba mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni a nílò ìdọ́gba yẹn. Ẹ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, kí ẹ di fóònù mú lókè àárín rẹ̀ gan-an, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, kí ẹ sì pa iná fóònù, nítorí pé iná yẹn máa ń fọ àárín ìwé funfun, ó sì ń mú ìlà ìpínyà lọ.

Ẹ ya odindi ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ súnmọ́ ọn láti ya ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀. Kí ìlà bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà hàn nínú fọ́tò méjèèjì, kí a lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí ìwé bá ní ẹ̀yìn tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí, ẹ ya ẹ̀yìn náà. A ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Pípín ojú ìwé sí abala

A máa ń tẹ fọ́tò náà sórí bébà, a ó sì fi nọ́ńbà sórí òpó láti òsì sí ọ̀tún: 1, 2, 3, 4. Lẹ́yìn náà a ó fi gègé pupa kùn ún yí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ láìdúró nínú òpó kan. Ibi kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní abala. Níbi tí àkọlé bá wà, tí ìlà ìpínyà bá wà, tí àpótí ìpolówó bá dí ọ̀nà, tàbí tí ìwé bá ya, abala parí níbẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá nínú òpó kejì á jẹ́ 2A, èyí tó tẹ̀lé e á jẹ́ 2B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àkókò yìí, a kò tíì máa ka ọ̀rọ̀ fún ìtumọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn, ọkàn wa á ti máa wá ibi tí yóò gbà dùn, yóò sì so ohun tí kò jọ pọ̀ mọ́ra.

Fún abala kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin ìkẹyìn sínú ìwé kan. A ó wá dáhùn ìbéèrè méjì. Ṣé orí rẹ̀ pé àbí wọ́n gé e? Orí pípé ni èyí tó wà lábẹ́ àkọlé, tó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀. Orí gígé ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn. Ṣé ìdí rẹ̀ pé àbí wọ́n gé e? Ìdí pípé ní àmì ìdánudúró, ó sì sábà máa ń ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ tàbí ìlà ìpínyà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí gígé kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Òfin tí a ń tẹ̀lé kò ju èyí lọ: orí gígé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ìdí gígé kan ṣoṣo tí yóò bá lọ. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, ohun kan ti sọnù, tàbí a ti pín abala kan ní ìpínkúpìn-ín. A kì í túmọ̀ ohunkóhun kí a tó mọ ohun tó fà á.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé sí méjì. Bí ìdí 1B bá jẹ́ «ile-ẹkọ gi-» pẹ̀lú àmì ìsopọ̀, tí orí 2C sì jẹ́ «ga ti o wà», kò sí iyàn jíjà mọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni. Lẹ́yìn èyí ni gbólóhùn tó bára mu. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó bára mu nìkan kò tó ẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ baba yìí ṣe kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ baba tí a sọ di ẹlẹ́wọ̀n

Ẹbí kan ní Àjàṣẹ́ fi fọ́tò ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí wa, láti inú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó. Òpó mẹ́rin ni ó ní. Àkọlé ńlá kan gba orí òpó kejì àti ìkẹta: «ILE-IWE TITUN». Ìròyìn náà sọ bí baba wọn, oníṣòwò kan, ṣe fi ilẹ̀ àti pákó ta ìjọ rẹ̀ lọ́rẹ láti kọ́ ilé ìwé. Nínú òpó kejì, ìwé náà ti ya nígbà kan, ẹnì kan sì ti lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn kí ó má baà ya sí i. Ní òkè àlẹ̀mọ́ náà, ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí: «nwọn si da a». Ní ìsàlẹ̀ àlẹ̀mọ́, ìlà tó tẹ̀lé e kà báyìí: «lẹjọ ẹwọn oṣu mẹfa nitori».

A rò pé àlẹ̀mọ́ náà kàn bo ibi tó ya ni. A ka òpó náà lọ tààrà: wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ewúrẹ́ kan tó jí. Gbólóhùn náà pé, kò sí ibi tí ó ti kọsẹ̀. A túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, a sì kà á fún ẹbí náà.

Ọmọ baba náà obìnrin, tó jẹ́ àgbà nínú wọn, jẹ́ kí a kà á tán. Ó ní, «Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá wa kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Kí ló dé tí ẹni tó fi ilẹ̀ tọrẹ yóò jí ewúrẹ́ lọ́jọ́ kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.» A dá wọn lóhùn pé, «Ẹ má bínú, Màmá, a ó tún un wò.» Òótọ́ ni pé a rò pé ìfẹ́ bàbá ló ń sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń tún un wò, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn àna wọn.

Nígbà tí a ṣe ìwé abala fún ojú ìwé náà, bí ó ṣe yẹ kí a ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí a rí nínú òpó kejì àti ìkẹta nìyí:

- 2A: orí pípé, lábẹ́ àkọlé ńlá. Ìdí gígé: «nwọn si da a».
- 2B: orí gígé: «lẹjọ ẹwọn oṣu mẹfa». Ìdí pípé.
- 3A: orí gígé: «lọla li oju gbogbo ijọ». Ìdí pípé, ìlà ìpínyà kúkúrú wà lábẹ́ rẹ̀.
- 3B: orí pípé, ó ní àkọlé tirẹ̀. Ìdí pípé.

Orí gígé méjì, ìdí gígé kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, a ti fi ìdí 2A fún 2B, a sì ti fojú fo 3A. A rò pé ó jẹ́ ìyókù ìròyìn kan láti ojú ìwé mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá so 2A mọ́ 3A, gbólóhùn náà pé bákan náà: wọ́n sì dá a lọ́lá lójú gbogbo ìjọ. «Da a» kan náà ni, ọ̀nà méjì ni ó là. Gírámà kò lè ṣe ìdájọ́ láàárín wọn. Ara ojú ìwé ni a ní láti bi.

Àkọ́kọ́, òrùlé. Àkọlé «ILE-IWE TITUN» na títí dé orí òpó kẹta, 3A sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìní àkọlé tirẹ̀. Bí 3A kì í bá ṣe ara ìròyìn yẹn, kí ni àkọlé náà ń wá lórí rẹ̀?

Èkejì, ilẹ̀ yàrá. Ẹni tó ń to lẹ́tà máa ń gbìyànjú kí òpó méjì tó wà lábẹ́ àkọlé kan parí ní gíga kan náà, kí ìròyìn mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ wọn láìwọ́. A fi rúlà sórí ìlà ìpínyà tó wà lábẹ́ 3A, a sì fà á lọ sí òsì. Ó bọ́ sórí àlẹ̀mọ́ gan-an.

Ẹ̀kẹta, iye ìlà tó wà lábẹ́ àlẹ̀mọ́. Níbi tí lẹ́tà bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ìlà òpó kan máa ń bá ìlà òpó kejì rìn. A ka ìlà òpó kìíní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlẹ̀mọ́, ó jẹ́ mẹ́ta. Nítorí náà, kì í ṣe ibi yíya lásán ni àlẹ̀mọ́ bò. Àyè ìlà mẹ́ta wà níbẹ̀, ó sì tó fún ìlà ìpínyà kan, àkọlé kékeré kan àti ìlà ọ̀rọ̀ kan. Láàárín 2A àti 3A, kò sí ohun tí a bò mọ́lẹ̀ rárá.

Ẹ̀rí mẹ́ta yìí tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ènìyàn ni, nítorí náà a lọ bá ìwé náà fúnra rẹ̀. A kò ṣí àlẹ̀mọ́ náà, nítorí pé bébà ògbólógbòó máa ń bá gọ́ọ̀mù lọ. A gbé ìwé náà sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé náà hàn pẹ̀lú, ní ìdàkejì, ó sì lè da ojú rú. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè fọ́tò ẹ̀yìn: ohun tó bá wà nínú fọ́tò ẹ̀yìn, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí a rí. Ohun tó ṣẹ́kù lábẹ́ àlẹ̀mọ́ ni lẹ́tà ńlá díẹ̀ tí a kà sí «ILE-ẸJỌ».

Ìròyìn ilé-ẹjọ́ nípa ọkùnrin mìíràn ni 2B. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ àlẹ̀mọ́. A padà lọ sọ́dọ̀ Màmá pẹ̀lú ìtumọ̀ tuntun, a sì kà á níwájú àwọn àna náà pẹ̀lú. A fi ìwé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú fáìlì wa, a kọ «ÀṢÌṢE» sórí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tó bá ti ní ẹ̀dà rẹ̀ lè mọ̀ pé àwa ni a ṣì í.

Ìdí gígé tí kò ní orí lójú ìwé yìí

Nígbà mìíràn, iye kò dọ́gba, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìròyìn lè bọ́ sí ojú ìwé mìíràn, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ìyókù wà ní ojú ìwé kẹta. Lẹ́tà tàbí ìtàn sì lè máa bá a lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Báyìí ni ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ ṣe jáde nínú Àkéde Èkó láàárín ọdún 1929 sí 1930, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tó bá ní ẹyọ ìwé kan nínú irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè rí òpin rẹ̀ nínú òpó tó kàn.

Bí a kò bá rí ìyókù, a kì í wá ohun tó jọ ọ́ láti fi dí i. A ó túmọ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ dé, a ó sì kọ sínú àmì akámọ́ pé: [ọ̀rọ̀ gé níbí, ìsàlẹ̀ òpó 4]. Bí orí gígé bá wà tí a kò mọ ìdí rẹ̀, a ó túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà abala rẹ̀. Bí ọ̀nà méjì bá ṣeé ṣe tí ẹ̀rí kò sì borí, a ó kọ méjèèjì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, gbèsè tàbí ogún ilẹ̀ bá wà, a kì í so abala méjì pọ̀ láìní ẹ̀rí méjì ó kéré tán láti ara ojú ìwé.

Bí a bá ń lo kọ̀ǹpútà

Ètò tó ń ka lẹ́tà inú fọ́tò máa ń ka ìlà la òpó já, pàápàá bí àyè tó wà láàárín òpó bá tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà kan láti òpó 1 á wá so mọ́ ìlà kan láti òpó 2, gbogbo rẹ̀ á sì di àdàlú. Bí ẹ bá rí i pé gbólóhùn ń yí padà ní àárín ìlà kọ̀ọ̀kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A máa ń gé abala kọ̀ọ̀kan kúrò lọ́tọ̀ kí a tó jẹ́ kí ètò náà kà á:

```
magick oju1.jpg -crop 640x900+820+510 +repage 2A.png
tesseract 2A.png 2A -l yor --psm 6
```

Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ìbú àti gíga abala. Méjì tó tẹ̀lé e ni bí ó ṣe jìnnà sí etí òsì àti sí òkè fọ́tò. `--psm 6` ń sọ fún ètò náà pé abala ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ fáìlì bá nọ́ńbà abala mu, kí 2A má baà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Ètò náà sábà máa ń sọ àmì abẹ́ lẹ́tà nù, nítorí náà kí ẹnì kan fi ojú rẹ̀ bá fọ́tò wé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a ń tọ́jú pẹ̀lú ìtumọ̀

Fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, fáìlì wa ní fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, bébà tí a kùn ní pupa, ìwé abala, àti ìtumọ̀ ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Lórí ìtumọ̀ náà ni a ń kọ ọ̀nà tó gbà: 2A, 3A. Ẹni tó bá jiyàn sí wa lè fi ìka tẹ̀lé e lórí fọ́tò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì ní láti dúró de ọ̀sẹ̀ méjì bí Màmá ti ṣe.